Bí kíráísìsì ṣe ń bọ́ sí àyà

Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde lè wọ ilé ìwòsàn nítorí kíráísìsì, ìyẹn ẹ̀yìn àti itan tó ń ro ó, kí fọ́tò ẹ́síréè àyà rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni wàhálà á wá dé sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn dókítà ń pè é ní akúùtì ṣẹ́ẹ̀sì síńdíróòmù, ó sì wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ní àìsàn yìí jù.

Nínú egungun ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé á dí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, mùdùnmúdùn á kú, ọ̀rá rẹ̀ á wọnú ẹ̀jẹ̀, á sì lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìhà bá tún ń dun aláìsàn, kò ní lè mí kanlẹ̀. Bí mọfíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, bá sì pọ̀ jù, oorun á kùn ún, èémí rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ọ́síjìn tó dínkù yìí á wá mú kí sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i tẹ̀. Ní ti ọmọdé, àkóràn ló sábà máa ń fà á.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 ni. Nígbà tó dé, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún, hẹmoglóbìn rẹ̀, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn, sì jẹ́ gíráàmù 8 nínú désílítà kan. Lọ́jọ́ kẹta, ọ́síjìn di 92, ó ń mí nígbà 30 ní ìṣẹ́jú kan, ara rẹ̀ gbóná dé 38.7, hẹmoglóbìn sì já sí 6.2. Kò wúkọ́ rárá. Ẹni tó bá ń dúró de ikọ́ ti pẹ́ jù. Kódà fọ́tò lè má tíì fi nǹkan kan hàn. Bí ọ́síjìn bá ti wà lábẹ́ 95, tàbí tó fi 3 dín sí ti àtẹ̀yìnwá, kí wọ́n ya òmíràn.

Wọn kì í dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Wọ́n á fún un ní ọ́síjìn kó lè dé 95 ó kéré tán, àti oògùn apakòkòrò méjì, bíi sẹfitiráásóònù àti asitiromáísìn, nítorí fọ́tò kò lè sọ bóyá àkóràn ni tàbí ọ̀rá. Omi dírípù ni àṣìṣe ti ń wọ́pọ̀: bó bá pọ̀ jù, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, nítorí náà kí wọ́n dín in kù. Oògùn ìrora gbọ́dọ̀ tó kó lè mí kanlẹ̀, kó má sì kùn ún lóorun. Bí kò bá sùn, kó máa fi sipirómítà, ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ mímí kanlẹ̀, fa èémí jíjinlẹ̀ 10 ní wákàtí méjì-méjì.

Nítorí 6.2 yẹn, ó nílò ẹ̀jẹ̀, àmọ́ kí hẹmoglóbìn rẹ̀ má kọjá 10, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá ki jù tún ń dí òpó. Bí ọ́síjìn bá ṣì ń já, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí hẹmoglóbìn S, èyí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀, lè wá sí abẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tó bá ti ní in rí lè tún ní in. Haidirọksiyúríà, oògùn tí ìwádìí ọdún 1995 fi hàn pé ó dín in kù tó nǹkan bí ìdajì láàárín àgbàlagbà, ló yẹ kí wọ́n bá a sọ kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò padà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.