Ẹ má tíì tẹ Delete yẹn o

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá pa ipò kan rẹ́ nínú sáfà Discord wa, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sáwọn tó wà nínú ẹ̀? Mo fẹ́ kó wọn sínú ipò tuntun, mi ò sì fẹ́ kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ẹnikẹ́ni síta.

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó máa kúrò ní sáfà o, gbogbo wọn ṣì wà ńbẹ̀, ipò yẹn ló kàn máa bọ́ lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ku @everyone tí kálukú ní. Ibi tí wàhálà wà ni ṣánẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ tì pa. Ká ní ẹ ti sọ fún un pé kí @everyone má rí òun, kí "Akẹ́kọ̀ọ́" nìkan máa rí òun. Tẹ́ ẹ bá pa "Akẹ́kọ̀ọ́" rẹ́, àṣẹ tiẹ̀ bá a lọ, "kí ẹnikẹ́ni má rí mi" ló kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni sáfà ò sì ní mọ̀, torí gbogbo ẹ̀ lẹ ṣì ń rí. Ó ti ṣe mí rí: mo pa á rẹ́ lálẹ́ Sátidé, mo wo ṣánẹ́ẹ̀lì, ó pé, mo lọ sùn, ìgbà tó dọjọ́ Ajé lẹnì kan bi mí pé "ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe tẹ́ ẹ fi lé mi?" Mo dá òmíì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an, asán ni, torí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, bọ́ọ̀tì wa ò mọ̀ ọ́n rí.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí tàtijọ́ ṣì wà. Ẹ lọ sí Server Settings, Roles, kẹ́ ẹ dá tuntun, kẹ́ ẹ wá gba inú gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì tí tàtijọ́ ní àṣẹ, kẹ́ ẹ fún tuntun ní View Channel níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Manage Members, Add Members, títí iye èèyàn inú méjèèjì á fi dọ́gba. Kò léwu kéèyàn ní ipò méjì, tí ọ̀kan bá ní bẹ́ẹ̀ ni tí èkejì ní rárá nínú ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ló ń borí. Ẹ wá fi View Server As Role wò ó pẹ̀lú ojú ipò tuntun nìkan. Tí ṣánẹ́ẹ̀lì kan ò bá hàn, ẹ ti gbàgbé ẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá hàn lẹ tó lè tẹ Delete. Àmọ́ tó bá jẹ́ orúkọ lẹ fẹ́ yí, ẹ kàn yí i jàre.

Tẹ́ni kan bá ti pa á rẹ́ ńkọ́? Kò sí ọ̀nà àtidá a padà. Audit Log ń tọ́jú ọjọ́ 45, ẹ wo ibẹ̀ fáwọn tí wọ́n fún ní ipò náà láìpẹ́, àwọn tó kù, ẹ ka orúkọ wọn lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sínú ṣánẹ́ẹ̀lì náà. Kẹ́ ẹ tó parí, ẹ má fọwọ́ kan Prune rárá, torí àwọn tí ò ní ipò kankan tí wọ́n sì ti dákẹ́ fúngbà díẹ̀ ló máa ń gbá dànù.