Mónókọ́tì àti Dáíkọ́tì: Ìdí Tí Ewé Iṣu Fi Ń Ṣi Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Lọ́nà

Rẹ hóró ẹ̀wà kan àti hóró àgbàdo kan sínú omi di ọjọ́ kejì. Bọ́ èèpo ẹ̀wà náà, kí o sì fi èékánná là á. Yóò pín sí abala méjì láìjẹ́ pé ọ̀bẹ kàn án, wàá sì rí ọmọ ewéko tíńtín kan tó há sí àárín. Abala méjèèjì yẹn, ewé ni wọ́n. Wọn kò jọ ewé lójú nítorí oúnjẹ ló kún inú wọn, àmọ́ ara ọmọ ewéko yẹn ni wọ́n ti yọ. Kọtilídọ̀nì ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ewé inú irúgbìn. Ohun ọ̀gbìn tí irúgbìn rẹ̀ ní ẹyọ kan ni mónókọ́tì, èyí tó ní méjì ni dáíkọ́tì. Ìyàtọ̀ yìí ni John Ray, ará Gẹ̀ẹ́sì, lò láti pín àwọn ewéko tó ń so òdòdó ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Àwọn àmì yòókù tí a ń kà sórí ewé, gbòǹgbò àti òdòdó, ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tò sí.

Hóró àgbàdo kò ní là bẹ́ẹ̀. Wá ojú kan lára rẹ̀ tó funfun ju ibi yòókù lọ, kí o fi abẹ là á gba àárín ibẹ̀ láti òkè dé ìdí. Apá kan ni oúnjẹ ìpamọ́, apá kejì ni ọmọ ewéko. Láàárín àwọn méjèèjì ni nǹkan fẹ́lẹ́ kan wà bí asà kékeré. Òun ni ewé kan ṣoṣo tí irúgbìn àgbàdo ní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fa oúnjẹ láti inú ìpamọ́ fún ọmọ ewéko, kì í sì í jáde sókè ilẹ̀ rárá. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á rí ohun ṣóńṣó tó kọ́kọ́ gún ilẹ̀ jáde nígbà tí àgbàdo bá hù, wọ́n á ní ewé inú irúgbìn nìyẹn. Rárá o, àkọ̀ ni. Inú rẹ̀ ni ewé gidi àkọ́kọ́ wà bí idà, tí yóò là á jáde tó bá dé ìmọ́lẹ̀. Ewé inú ẹ̀wà ní tirẹ̀ sábà máa ń bá igi rẹ̀ gòkè, yóò rọ, yóò sì rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn irú ẹ̀wà kan wà tí tiwọn ń kú sínú ilẹ̀. Nítorí náà, kíka ewé lójú ilẹ̀ kò tó. Irúgbìn ni kí o là.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irúgbìn máa ń wà lọ́wọ́, ewé ló pọ̀. Gbé ewé sí ìmọ́lẹ̀ kí o wo iṣan rẹ̀. Iṣan ewé mónókọ́tì sábà máa ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìpàdé, bíi ti àgbàdo, ìrèké àti koríko. Tí o bá fà á ya, ìlà tààrà ló máa ń gbà. Ti dáíkọ́tì pín sí ẹ̀ka, ẹ̀ka tún pín, wọ́n so kọ́ra bí àwọ̀n. Má ṣe jẹ́ kí iṣan ńlá àárín ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàn ọ́. Wo àwọn kéékèèké tó ti ara rẹ̀ lọ sí etí ewé: wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdí sì nìyẹn tí afẹ́fẹ́ fi máa ń ya ewé náà sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Mónókọ́tì ni ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Wá gbé ewé iṣu sí ìmọ́lẹ̀ náà. Ó fẹ̀, ó rí bí ọkàn, àwọ̀n sì hàn gbangba láàárín àwọn iṣan rẹ̀. Ẹni tó bá gba òfin ewé gbọ́ láìwo ibòmíràn yóò sọ pé dáíkọ́tì ni. Èmi náà ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni. Mónókọ́tì ni iṣu. Kókò náà ní àwọ̀n lára ewé, mónókọ́tì ni òun náà.

Báwo la ṣe lè mọ̀? Tún ewé iṣu náà wò dáadáa. Àwọn iṣan ńlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ewé, wọ́n tẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì tún padà lọ pàdé lápá ṣóńṣó. Fi ewé ẹ̀gẹ́ wé e: ìdí kan náà ni iṣan ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kò sì padà wá pàdé èkejì. Ìyẹn yẹ kó mú ọ fura, àmọ́ ẹ̀rí kò tíì pé, torí àwọn dáíkọ́tì kan wà tí iṣan wọn ń pàdé lápá ṣóńṣó. Òdòdó ni kí o wá, tó bá tanná. Ó kéré gan-an, akọ lè wà lórí ìtàkùn kan, kí abo wà lórí òmíràn. Ka ewé òdòdó rẹ̀: mẹ́fà ni, mẹ́ta lóde, mẹ́ta nínú. Èso rẹ̀ náà ní ìyẹ́ mẹ́ta. Mẹ́ta àti ìlọ́po mẹ́ta ni ìṣirò mónókọ́tì. Òdòdó dáíkọ́tì sábà máa ń lo mẹ́rin tàbí márùn-ún; ti ilá jẹ́ márùn-ún.

Gbòǹgbò ni mo fọkàn tán jù lọ fún ohun tó hù láti inú irúgbìn, òun sì ni mo fọkàn tán kéré jù fún èyí tí a gbìn láti ara igi. Tí ẹ̀wà bá hù, gbòǹgbò àkọ́kọ́ á lọ tààrà sísàlẹ̀, àwọn kéékèèké á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti àgbàdo kì í pẹ́ jẹ́ olórí, àwọn mìíràn tó yọ láti ìdí igi ló máa ń gba iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á sì rí bí ìdì irun. Ṣùgbọ́n tí o bá hú ẹ̀gẹ́ tí a gbìn láti ara igi, kò sí gbòǹgbò ńlá kankan tó lọ tààrà, nítorí kò sí irúgbìn tí ì bá yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ gbòǹgbò ló yọ láti ara igi náà. Bẹ́ẹ̀, dáíkọ́tì ni ẹ̀gẹ́. Kọ́kọ́ béèrè bí a ṣe gbìn ín kí o tó ka gbòǹgbò rẹ̀ sí ẹ̀rí.

Òdòdó náà ní ibi tó ti ń kùnà. Ewé òdòdó píà jẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta méjì, bíi ti iṣu gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́ èèpo kóró rẹ̀, yóò là sí abala méjì ńlá. Ewé rẹ̀ náà ní àwọ̀n. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, dáíkọ́tì ni kí o kọ. Àwọn onímọ̀ ewéko ti ya píà àti àwọn ẹbí rẹ̀ sọ́tọ̀ báyìí, torí pé àyẹ̀wò àbùdá fi hàn pé gbogbo ohun tí à ń pè ní dáíkọ́tì kò ti orírun kan ṣoṣo wá. Àwọn tó kù, tó pọ̀ jù, ni wọ́n ń pè ní dáíkọ́tì tòótọ́. Àmì tiwọn wà lára lẹ́búlẹ́bú òdòdó: ihò tàbí ìlà mẹ́ta ló máa ń wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, awò asọhun-kékeré-di-ńlá nìkan ló sì lè fi í hàn.