Ọmọ La Kọ́kọ́ Ń Bí Ká Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ: Ìlà Méjì Nínú Python

Ètò kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, tó ń béèrè orúkọ èèyàn, tó sì ń kí i. Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni a fi kọ ọ́. Ìlà méjì péré ni gbogbo rẹ̀:

```python
oruko = input("Kí ni orúkọ yín? ")
print("Ẹ kú àárọ̀,", oruko)
```

"Yín" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "rẹ", torí ètò náà kò mọ ẹni tó máa jókòó síwájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ bàbá àgbà. Bí wọ́n ṣe ń gbé Python sórí kọ̀ǹpútà kò sí nínú ọ̀rọ̀ tòní. Ká ṣáà gbà pé ìlà méjèèjì ti wà nínú fáìlì tó ń jẹ́ `kini.py`, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní òpópónà Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́, ti tẹ `python kini.py`, ó sì ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni bí àwọn kan ṣe ń ka ìlà àkọ́kọ́ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n á ní "oruko dọ́gba pẹ̀lú input". Kò dọ́gba pẹ̀lú nǹkan kan o. Àmì `=` tí a bá pàdé nínú ìṣirò kọ́ nìyí, bí wọ́n tiẹ̀ jọra. Nígbà tí Python bá fẹ́ béèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba, `==` ló ń lò. Iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ ni `=` ẹyọ kan ń ṣe. Apá ọ̀tún ni Python kọ́kọ́ ń dojú kọ, á ṣe é tán pátápátá, ohun tó bá sì tibẹ̀ jáde ló máa wá gba orúkọ tó wà lápá òsì. Ojú wa ń ka ìlà náà láti òsì lọ sí ọ̀tún, Python ń ṣe é láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì. Ọmọ á kọ́kọ́ wáyé ná, ọjọ́ kẹjọ ló ń gba orúkọ.

Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń sọ pé àpótí ni `oruko`, pé a gbé nǹkan sínú rẹ̀. Àpótí yẹn máa ń da ọmọ láàmú lẹ́yìn ọ̀la, bẹ́ẹ̀ ohun tó dára jù ú lọ wà nílé wa. Ẹni tó bá ti dé ibi ìsọmọlórúkọ rí mọ bó ṣe ń lọ: bàbá ọmọ á sọ tirẹ̀, ìyá àgbà á sọ tirẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí á máa ju owó sínú abọ́ omi, wọ́n á máa pe orúkọ tiwọn náà. Kí ó tó di ọ̀sán, ọmọ kan ti ní orúkọ mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọmọ ti di mẹ́fà. Bí Python ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá kọ `alejo = oruko` sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ẹ kò da nǹkan kan kọ, ẹ kò sì gbé nǹkan kan láti inú àpótí kan sínú òmíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ní orúkọ kejì.

Ibì kan wà tí àfiwé yìí ti ń já. Nínú Python, orúkọ kan kì í jẹ́ ti ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá tún fi `oruko` pe ọ̀rọ̀ tuntun, orúkọ á kúrò lára ti àkọ́kọ́. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá sì ní orúkọ mìíràn tí wọ́n fi ń pè é, Python á gbá a kúrò nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Kò sí ìyá tó máa gbà fún un, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi àfiwé náà sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí ohun tí `=` ń ṣe. Ẹ pa `oruko =` rẹ́, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀:

```python
input("Kí ni orúkọ yín? ")
print("Ẹ kú àárọ̀,", oruko)
```

Ètò náà á béèrè ìbéèrè rẹ̀ dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ Adéwálé, ètò á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa wá pariwo:

```
NameError: name 'oruko' is not defined
```

Ọmọ wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ìlà kejì wá ń pe `oruko`, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Àṣìṣe kan náà ló máa wáyé bí ẹnì kan bá fi lẹ́tà ńlá kọ `Oruko` sí ìlà kejì, torí ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú Python. Àwọn Python láti 3.10 sókè tiẹ̀ máa ń fi kún un pé `Did you mean: 'oruko'?`, bí aládùúgbò tó sọ fún àlejò pé ẹni tó ń wá kọ́ nìyí, pé ilé tó tẹ̀ lé e ni kó lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ètò yẹn béèrè orúkọ *kí ó tó* kọsẹ̀. Bó bá jẹ́ àkámọ́ tó kẹ́yìn ìlà kejì lẹ gbàgbé ńkọ́? Kò ní béèrè nǹkan kan. Yóò kàn sọ pé `SyntaxError: '(' was never closed`, ó parí. Ìdí ni pé Python máa ń ka gbogbo fáìlì já kí ó tó ṣe ìlà kankan, ó ń wò ó bóyá gírámà rẹ̀ pé. Bí gírámà bá ti bàjẹ́ níbikíbi, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í wò ó nígbà yẹn bóyá orúkọ kan wà tàbí kò sí. Ìgbà tí ó bá dé ìlà tó ń pe orúkọ náà ló máa mọ̀. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pè mí pé ètò òun kò ṣiṣẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: "Ṣé ó béèrè orúkọ rẹ kó tó bínú?" Ìdáhùn yẹn nìkan ti fi ìdajì ibi tí àìsàn wà hàn mí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí apá ọ̀tún ìlà àkọ́kọ́, ibi tí mo fẹ́ràn jù. `input` kọ́kọ́ kọ ìbéèrè sójú kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe kọ ọ́ sáàárín àmì àyọlò gẹ́lẹ́. Àlàfo tó wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè kò ṣàdédé wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, orúkọ tí wọ́n máa tẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìbéèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dúró. Nǹkan kan ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè, ó tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan wò ó fún ìṣẹ́jú kan, ó ní "kọ̀ǹpútà yìí ti kú", ó sì ti fèrèsé náà pa. Kò kú. Ẹ rò ó bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sí ẹnu ọ̀nà pé kó béèrè orúkọ àlejò. Ọmọ ti béèrè, ó dúró. Ẹni tó rán an jókòó sí pálọ̀, kò lè ṣe ìkíni kankan títí ọmọ yóò fi padà dé. Python ń sùn lásìkò yẹn ni, kò tiẹ̀ lo agbára kọ̀ǹpútà rárá. Bí àlejò bá fẹ́ dákẹ́ di alẹ́, á dúró di alẹ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ ti hàn lójú kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ètò yín kò tíì gba ìkankan. Ẹ tẹ Adéwákè, ẹ rí i pé ẹ ti ṣì í, ẹ pa á rẹ́ dé `Adéwá`, ẹ wá fi `lé` parí rẹ̀. Ètò náà kò ní mọ̀ láé pé Adéwákè wáyé rí. Fèrèsé tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sí ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ `Enter` ló tó kó ìlà náà lápapọ̀ fún un. `Enter` yẹn fúnra rẹ̀ ń fi àmì òpin ìlà kan sẹ́yìn orúkọ, `input` a sì gé e dànù kí ó tó gbé orúkọ kalẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Bí kò bá gé e, bí ẹ bá fẹ́ fi àmì ìyanu sẹ́yìn orúkọ nínú ìkíni, ìsàlẹ̀ ni àmì náà máa bọ́ sí, òun nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àlàfo sẹ́yìn orúkọ, `input` kò ní gé ìyẹn.

Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ yìí kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ o. Bí àlejò bá ní "25", 25 ló máa mú wá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí iye, ìlà kejì á sì kọ "Ẹ kú àárọ̀, 25" láìrẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá tẹ `Enter` nìkan, òfo ló máa mú padà, a ó sì kí afẹ́fẹ́. Kì í ṣe bí ó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Nínú Python 2, `input` máa ń gba ohun tí wọ́n bá tẹ̀ bí ẹni pé kóòdù ni, á sì ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá tẹ Adewale lásán á gba `NameError`, ẹni tó bá sì ní èrò ibi lè fi ìbéèrè orúkọ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. `raw_input` ni ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń lò nígbà náà. Nígbà tí Python 3 jáde lóṣù Kejìlá 2008, wọ́n sọ `raw_input` di `input`, wọ́n sì mú ti àtijọ́ kúrò. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 2020 ni wọ́n ti dáwọ́ títọ́jú Python 2 dúró, síbẹ̀ ìwé fótókópì tó ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ `raw_input` ṣì ń kiri. Ẹ ti mọ àṣìṣe tó máa gbé jáde.

Ìlà kejì kò le. Ohun tó wà láàárín àmì àyọlò, bó ṣe wà ni `print` ń kọ ọ́. Ohun tí kò ní àmì àyọlò, á wá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á kọ ẹni náà. Ìdí nìyí tí `print("Ẹ kú àárọ̀, oruko")` fi máa kí ẹnì kan tó ń jẹ́ "oruko" gan-an, láìsí àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà. Kọ́mà méjì ló wà nínú ìlà wa, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Ti inú àmì àyọlò jẹ́ ara ìkíni, yóò hàn. Ti ìta ń ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ fún `print`, òun sì ni `print` rí tó fi fi àlàfo kan sáàárín wọn.

Bí ìkíni bá ti jáde, ètò parí, ilé tú. Gbogbo orúkọ tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Arákàlẹ̀ padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún tẹ `python kini.py`, ó sì bínú pé òun ti sọ orúkọ òun fún un lánàá.