Fáíbà kì í kàn án gba inú kọjá lásán

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni fáíbà inú oúnjẹ ń ṣe: kó gbá inú bí ìgbálẹ̀, kó sì bá ìgbẹ́ jáde. Lóòótọ́, ara wa kò lè dà á. Àwọn bakitéríà inú ìfun ńlá ló lè dà á. Bí fáíbà inú ẹ̀wà bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á mú un kan. Gáàsì tó ń mú inú kùn lẹ́yìn ẹ̀wà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ibẹ̀ náà ni àwọn ásíìdì kéékèèké bí ásítéètì, própíónéètì àti bútíréètì ti ń wá. (Èérí ògì tí à ń dà fún ewúrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ìwọ̀nba ni bakitéríà lè rí jẹ nínú rẹ̀.)

Bútíréètì ni oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun ńlá. Ní 1980, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Roediger dán sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá èèyàn wò, ó sì rí i pé ohun tó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí wọ́n ń lò ni wọ́n fi ń jó bútíréètì. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kò bọ́ wọn yó.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni ara àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n fa ìfun wọn síta ikùn kí ìgbẹ́ lè máa bọ́ sínú àpò. Apá ìfun tó kù nísàlẹ̀ ṣì wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀, àmọ́ nǹkan kan kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ó sábà máa ń pọ́n, á wú, nígbà míì á máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá so ìfun padà, á san. Ní 1989, olùṣèwádìí mìíràn, Harig, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìdí da omi tí wọ́n po àwọn ásíìdì yìí mọ́ sínú irú ìfun bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn 4, ara wọn sì yá. Ẹni 4 kéré. Nígbà tí àwọn mìíràn fi àdàpọ̀ àwọn ásíìdì náà dán an wò fún ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn náà, wọn kò rí ìyàtọ̀.

Ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara tún yàtọ̀. Wọn kì í fi bútíréètì ṣe oúnjẹ bíi ti ìfun. Àṣẹ ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá wọnú ọ̀kan lára wọn tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, tí kò tíì yan iṣẹ́, á dí ẹ́ńsáìmù kan tó máa ń jẹ́ kí DNA di pọ̀ lọ́wọ́. Jíìnì Foxp3 á ṣí, sẹ́ẹ̀lì náà á sì di èyí tó ń pẹ̀tù sí ìjà, tí kì í jẹ́ kí àwọn yòókù máa bá oúnjẹ àti bakitéríà tí kò léwu jà. Eku ni wọ́n ti rí èyí kedere ní 2013. Ní ti èèyàn, ọ̀pọ̀ àwọn tí ìfun wọn ń wú ni bakitéríà tó ń ṣe bútíréètì ti dín kù nínú wọn, nítorí náà, wọ́n lè jẹ ẹ̀wà dáadáa kí bútíréètì má sì pọ̀ tó.