Bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun sún síwájú nítorí nótíìsì tó gùn

Bí ibi iṣẹ́ tuntun bá fún èèyàn ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí kò lè bá nótíìsì ibi iṣẹ́ àtijọ́ mu, ọ̀pọ̀ máa ń tètè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún “oṣù kan sí i” tàbí “ọ̀sẹ̀ mélòó kan”. Ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń padà dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò tíì ṣírò ọjọ́ tí iṣẹ́ àtijọ́ máa tú u sílẹ̀ ní ti gidi. Ìṣirò yìí ló yẹ kó ṣáájú, kí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Nótíìsì oṣù mẹ́ta kì í ṣe ohun kan náà nínú gbogbo ìwé àdéhùn iṣẹ́. Nínú àwọn kan, oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í ka láti ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, gbólóhùn kékeré kan wà níbẹ̀ pé nótíìsì gbọ́dọ̀ parí ní òpin oṣù. Gbólóhùn yẹn ni kí èèyàn wá kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹni tó bá fi lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta máa bọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, àmọ́ lábẹ́ èkejì, ó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ohun tó tún le jù ni pé bó bá ti fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ni ì bá bọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló pẹ́, oṣù kan gbáko ló sì ná an.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tó ní irú àdéhùn kejì yìí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2026, lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ dé bá a. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé yóò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ náà kò ní dúró àfi bí àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí àti ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ bá parí dáadáa, èyí tó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ọkàn rẹ̀ máa sọ fún un pé kó sáré fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí oṣù Kejì má bàa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá rí ìṣòro, ibi iṣẹ́ tuntun lè fagi lé lẹ́tà náà, ibi iṣẹ́ àtijọ́ kò sì ní ọ̀ranyàn láti dá iṣẹ́ padà fún un. Oṣù kan tó máa pàdánù sàn ju pé kó máa wá iṣẹ́ láìní ọ̀kan. Nítorí náà, ọ̀nà tó tọ́ ni pé kó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n fún un ní lẹ́tà tí wọ́n tún kọ, kí àyẹ̀wò parí, lẹ́yìn náà ni kó wá fiṣẹ́ sílẹ̀.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti díjú díẹ̀. Kò mọ ọjọ́ tí àyẹ̀wò máa parí, ibi iṣẹ́ tuntun sì ń fẹ́ ọjọ́ kan pàtó. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fún wọn ní ọjọ́ kan, kó sì sọ ohun tí ọjọ́ náà dúró lé. Bó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbàkígbà kí oṣù Kẹta tó parí, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ló máa bọ́, yóò sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje. Bí oṣù Kẹrin bá bá a lórí ìdúró, ó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ. Ímeèlì rẹ̀ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀dà sí ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, lè lọ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín, inú mi dùn láti gba iṣẹ́ náà. Nótíìsì mi jẹ́ oṣù mẹ́ta, ó sì gbọ́dọ̀ parí ní òpin oṣù. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mi kúrò ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 1 oṣù Keje. Ọjọ́ yìí máa dúró bí àyẹ̀wò bá parí, tí lẹ́tà tuntun sì dé ọwọ́ mi, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, kí n lè fi lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo fi ojú ewé àdéhùn tó sọ nípa nótíìsì ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí.”

Ìmọ̀ràn nípa ojú ewé yẹn kì í ṣe àṣejù. Ọ̀gá tó fẹ́ kí aláṣẹ òkè gba àyípadà náà máa ń nílò ohun tó lè fi hàn án, ojú ewé kan sì tó. Kí èèyàn bo owó oṣù àti àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò kàn wọ́n kó tó fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ àyẹ̀wò tó wà nínú ímeèlì náà tún máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè ṣe é, torí ó ti di ohun tó ń fa ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn gan-an sẹ́yìn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn èyí ni kí ọ̀gá sọ lórí fóònù pé “kò sí wàhálà”, kí òṣìṣẹ́ sì gbà pé ó ti parí. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ṣì wà nínú lẹ́tà tó buwọ́ lù. Àwọn lẹ́tà kan sọ pé bí ẹni náà kò bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ, iṣẹ́ ti bọ́. Bí ọ̀gá bá ti gbà ṣùgbọ́n tí lẹ́tà tí wọ́n tún kọ kò dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àmì ni pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Kó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka náà ní tààrà.

Àwọn kan máa ń ronú pé ìsinmi ọdún tó kù lè dín àkókò náà kù. Bí òṣìṣẹ́ wa bá ní ọjọ́ 12 ìsinmi, tí wọ́n sì gbà kó lò ó ní ìparí, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, ni ọjọ́ ìkẹyìn tó máa wọ ọ́fíìsì, torí ọjọ́ 12 jẹ́ ìsinmi ìjọba ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ wọn ni títí di ọjọ́ 30, ọ̀pọ̀ àdéhùn kò sì gba èèyàn láyè láti ṣiṣẹ́ níbòmíràn lákòókò yẹn. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé àwọn ti tú u sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí wọ́n fi owó rọ́pò ìyókù nótíìsì. Kí èèyàn ka gbólóhùn rẹ̀ dáadáa, torí nínú àwọn àdéhùn kan agbanisíṣẹ́ nìkan ló ní ẹ̀tọ́ yẹn, òṣìṣẹ́ kò sì lè fi owó ra ara rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ wọn. Níbi tó bá ṣeé ṣe, ibi iṣẹ́ tuntun tó ń kánjú lè gbà láti san án. Èyí tọ́ láti béèrè kí wọ́n tó tún lẹ́tà kọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tán ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ ọ̀gá àtijọ́ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́, bóyá ní òpin oṣù Karùn-ún bó bá ti fa iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ tán. Kó má ṣe fi ọjọ́ tí wọn kò tíì gbà yìí ṣe ìlérí níbi tuntun. Bí wọ́n bá gbà, kó kọ̀wé sí ibi tuntun nígbà yẹn pé òun ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó ní oṣù Kẹfà. Bí wọn kò bá sì gbà, ọjọ́ 1 oṣù Keje ṣì wà nínú lẹ́tà tuntun.