Líǹkì Ayédèrú: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀, àti Ohun Tí A Ó Ṣe Bí A Bá Ti Tẹ̀ Ẹ́

Ímeèlì kan wọlé. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù kiri ló wà lókè rẹ̀, àmì ilé-iṣẹ́ náà sì hàn gedegbe. Ó ní ẹrù kan ti dé, ṣùgbọ́n owó táṣẹ́rẹ́ kan ló kù nílẹ̀, bí wọn kò bá sì san án kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹrù á padà síbi tó ti wá. Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ "Ẹ san án níbí" sí. Owó náà kéré débi pé ẹni tó ń retí ẹrù lóòótọ́ kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí tó fi kéré gan-an nìyẹn. Oníjìbìtì kò bá ti owó yẹn wá. Káàdì tí wọ́n máa fi san án ló ń wá.

Ti báǹkì kì í fi ẹrù tanni, ìbẹ̀rù ló ń lò: ẹnìkan fẹ́ wọ àkáǹtì yín, ẹ tètè wọlé kí ẹ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kí a tó tì í pa. Nígbà kan rí, àṣìkọ ló ń tú irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ fó. Ẹni tó bá ṣì gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn lónìí yóò kó sí wọn lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ wọn mọ́ tónítóní, ímeèlì gidi ni wọ́n ń dà kọ. Orúkọ olùfiránṣẹ́ kò já mọ́ nǹkan, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ èyí tó bá wù ú síbẹ̀. Àdírẹ́sì tó tẹ̀lé orúkọ náà sàn díẹ̀ láti wò, ṣùgbọ́n òun pàápàá ṣeé yí nígbà mìíràn. Ibi tó yẹ kí ojú wà ni líǹkì, nítorí líǹkì gbọ́dọ̀ gbé ènìyàn lọ síbi tí agbára oníjìbìtì dé.

Lórí kọ̀ǹpútà, bí a bá gbé atọ́ka máòsì lé bọ́tìnnì náà láì tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì á yọ nísàlẹ̀ ojú ìwé. Lórí fóònù, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ títí àdírẹ́sì yóò fi hàn. Ká sọ pé `banki.example` ni àdírẹ́sì báǹkì gidi, ohun tí a sì rí nìyí:

```
https://banki.example.sisanwo.test/wole
```

Ojú tó ń kánjú á rí orúkọ báǹkì níwájú, ọkàn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka àdírẹ́sì. A ó fo `https://` kọjá, a ó wá ìlà dídà àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé e, èyí tó wà ṣáájú `wole`, a ó sì máa padà bọ̀ sí apá òsì. Ọ̀rọ̀ méjì tó sún mọ́ ìlà yẹn jù ni onílé: `sisanwo.test`. (Bí ìparí àdírẹ́sì bá jẹ́ oníbejì, bíi `.co.uk`, a ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta.) Ohun gbogbo tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ohun tí onílé kọ sára ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ènìyàn sì lè kọ orúkọ ọba sára ilẹ̀kùn ahéré. Bákan náà ni `banki-sisanwo.test` kì í ṣe ọmọ ìyá `banki.example`, nítorí àmì kékeré àárín yẹn ti sọ ọ́ di orúkọ mìíràn pátápátá. Àgádágodo tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò sì ní kí ọkàn balẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹlòmíì kò lè ka ohun tó ń lọ lójú ọ̀nà. Kò sọ pé ẹni tó ń gbà á lódì kejì kì í ṣe olè.

Áàpù tó ń bá ènìyàn tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù dára níbí ju ojú lọ. Àdírẹ́sì ló ń wò, kì í wo àwọ̀ tàbí àmì ilé-iṣẹ́. Bí ojú ìwé "báǹkì" bá ṣí tí áàpù náà kò sì bá wa kọ pásíwọ́ọ̀dù tó máa ń kọ, ká má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ o. Ká kọ́kọ́ béèrè ìdí.

Bí a bá ti wá tẹ líǹkì ńkọ́? Ìbéèrè tó kàn ni ibi tí ọwọ́ dé. Títẹ líǹkì nìkan kì í sábà gba ohun púpọ̀: oníjìbìtì á mọ̀ pé ẹnìkan ń lo ímeèlì yẹn, ó sì lè mọ irú fóònù tí onítọ̀hún ń lò. Ká ti ojú ìwé náà pa, ká má ṣí ohunkóhun tó bá dà sórí ẹ̀rọ, ká sì jẹ́ kí ẹ̀rọ gba àtúnṣe tuntun tó bá wà nílẹ̀ fún un. Bí a bá ti ṣí fáìlì tàbí tí a ti fi áàpù kan sórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yí padà: ká yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ká sì lo ẹ̀rọ mìíràn fún gbogbo ohun tó kù.

Bó bá jẹ́ pé pásíwọ́ọ̀dù ni a tẹ̀, ká yí i padà nínú áàpù báǹkì fúnra rẹ̀, ká sì ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo tí a ti lo irú kan náà. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni láti tẹ ibi tí wọ́n ti ń lé gbogbo ẹ̀rọ jáde kúrò nínú àkáǹtì. Ẹni tó ti wọlé kí a tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lè ṣì jókòó sínú ilé. Bí pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì bá wà lára ohun tó lọ, òun ni ká kọ́kọ́ mójú tó, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àkáǹtì yòókù ń gbà tún pásíwọ́ọ̀dù ṣe. Ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnìkan ti pàṣẹ níbẹ̀ pé kí ímeèlì máa lọ sí àdírẹ́sì mìíràn. Àṣẹ yẹn kì í kúrò bí a bá yí pásíwọ́ọ̀dù padà.

Ti káàdì ló ń fẹ́ eré jù. Lẹ́yìn tí a bá tẹ nọ́ńbà káàdì, ojú ìwé ayédèrú sábà máa ń yí róbótó bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Lásìkò yẹn, oníjìbìtì ń tẹ nọ́ńbà náà síbòmíràn. Báǹkì á fi OTP ránṣẹ́ sí oníkáàdì, ojú ìwé á sì ní kó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ká ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ OTP náà, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Iye owó ibẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ẹrù, tàbí kó jẹ́ pé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ so káàdì náà mọ́ fóònù kan láti máa fi sanwó. Bí a bá ti fún wọn, ká pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì lójú ẹsẹ̀, ká ní kí wọ́n ti káàdì pa. Ká sọ fún wọn kedere pé OTP ti jáde, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá káàdì ti wà lórí fóònù àjèjì.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnìkan lè pè. Yóò fohùn tútù sọ pé ẹ̀ka tó ń gbógun ti jìbìtì ní báǹkì lòun ti ń pè, yóò sì mọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ìparí nọ́ńbà káàdì. Kò yani lẹ́nu, a ṣáà ti tẹ gbogbo rẹ̀ sójú ìwé yẹn. Yóò ní ká kó owó lọ sí àkáǹtì "tó ní ààbò", tàbí ká ka OTP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí òun létí. Ká gbé fóònù sílẹ̀, ká tún pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yẹn fúnra wa.