Kíka àwòrán sákíìtì láti inú fọ́tò

Àwòrán sákíìtì ni àwòrán onílà tó ń fi ọ̀nà tí iná ń gbà nínú ẹ̀rọ hàn. Àmì ló dúró fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ìlà ló sì dúró fún wáyà. Kì í sọ ibi tí nǹkan wà lórí bọ́ọ̀dù: ohun méjì tó jìnnà síra nínú àwòrán lè fẹ̀gbẹ́ kanra nínú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ àwọn atúnrédíòṣe àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ló jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná ìjọba di fóòtì 5 ni a fi ṣe àpẹẹrẹ níbí.

Ohun tí fọ́tò máa ń bàjẹ́

Àmì ìdá ni ó kọ́kọ́ máa ń pa rẹ́. Rẹsísítọ̀ tí wọ́n kọ 4.7k sí lára lè di 47k lójú ẹni tó ń wò ó, ìyẹn sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń kọ ọ́ ní 4k7. Ohun kejì ni ẹ̀kán dúdú tó wà níbi tí ìlà méjì ti pàdé. Bí ẹ̀kán bá wà, wáyà méjèèjì so pọ̀. Bí kò bá sí, wọ́n kàn kọjá lórí ara wọn ni. Òjìji tàbí ìwé tó ká lè bo ẹ̀kán náà. Kí ẹni tó ń yà á tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kó dúró sókè rẹ̀ gan-an, kó sì pa iná fóònù. Bó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀, ìlà tín-ín-rín á sì pòórá.

Àwọn àmì

Wáyà oníyíká méjì tó kọjú síra ni táránsífọ́mà. Igun mẹ́ta tí ìlà kan dábùú ẹnu rẹ̀ ni dáyódù. Ibi tí ẹnu náà kọjú sí ni iná ń gbà lọ. Lára dáyódù 1N4007 gidi, òrùka fàdákà ló dúró fún ìlà ìdábùú náà. Ìlà méjì tó kọjú síra ni kápásítọ̀; bí + bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ yí padà, nítorí ó lè wú kó sì bẹ́. Ìlà kọ́lọkọ̀lọ tàbí àpótí gbọọrọ ni rẹsísítọ̀. Ìlà mẹ́ta tó ń kéré sí i ni ilẹ̀, gbogbo ibi tí àmì yìí bá sì wà so pọ̀, bí a kò tilẹ̀ fa ìlà kankan láàárín wọn. Èyí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń gbàgbé jù.

Títọ ipa iná

Táránsífọ́mà inú àpẹẹrẹ wa sọ fóòtì 230 di 9. Ẹ jẹ́ ká pe ẹnu wáyà méjì tó jáde níbẹ̀ ní A àti B. Dáyódù D1 gbé iná láti A lọ sí ìlà +, D2 gbé e láti B lọ síbẹ̀. D3 gbé e láti ilẹ̀ padà sí A, D4 láti ilẹ̀ padà sí B. Ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni iná ìjọba ń lọ tó sì ń bọ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó tọ ipa náà, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ méjì lórí ìwé tí a tẹ fọ́tò náà sí.

Nígbà tí A bá jẹ́ +, iná gba D1, ó gba inú ẹ̀rọ tó ń lo iná náà, ó dé ilẹ̀, ó sì gba D4 padà sí B. Nígbà tí B bá jẹ́ +, ó gba D2, ó tún gba inú ẹ̀rọ ní apá kan náà, ó sì gba D3 padà sí A. Bí bírò kan bá já sí ibi tí kò sí ọ̀nà, ẹ̀kán kan ti fara pa mọ́ nínú fọ́tò.

Ká ní fọ́tò náà ṣú, ẹni náà sì so D1 sódì. Bí B bá di +, iná á gba D2 dé ìlà +, á sì gba D1 bọ́ sí A tààrà, láìgba inú ẹ̀rọ rárá. Táránsífọ́mà á gbóná, fíyúùsì á sì jó. Nítorí náà, kí a tó so ó mọ́ iná ìjọba fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dára kí gílóòbù oníwáyà 60W wà lórí ìlà iná náà, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá tàn yanran tí kò sì rọlẹ̀, iná ń gba ọ̀nà àbùjá níbì kan.

Lẹ́yìn dáyódù, kápásítọ̀ 2200µF tó lè gba fóòtì 25 ń kó iná jọ. Góńgó fóòtì 9 tó ń lọ tó ń bọ̀ jẹ́ bíi 12.7. Dáyódù méjì gba bíi 1.4 nínú rẹ̀, ó ku bíi 11.3 fún 7805, ohun èlò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń sọ ọ́ di fóòtì 5. Bí ojú tí a kọ nǹkan sí lára 7805 bá kọjú sí wa, ẹsẹ̀ òsì ni iná ń wọlé, àárín ni ilẹ̀, ọ̀tún ni fóòtì 5 ń jáde. Nínú àwòrán, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fa ẹsẹ̀ ilẹ̀ sí, nítorí náà nọ́ńbà ẹsẹ̀ ni kí a wò, kì í ṣe ipò rẹ̀.

Nọ́ńbà orí àwòrán àti iná tó wà nílé

Àwòrán tó wá láti Amẹ́ríkà máa ń kọ fóòtì 120 sẹ́gbẹ̀ẹ́ táránsífọ́mà. Bí a bá so irú rẹ̀ mọ́ iná ìjọba ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, tó jẹ́ 230, yóò jó. Bí iná bá sì rọ̀ dé 160 lálẹ́, fóòtì 9 náà á di bíi 6.3, ohun tó dé 7805 á sì ku bíi 7.5. 7805 nílò bíi 7 kó tó lè gbé 5 jáde dáadáa. Bí rédíò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá ń fa iná púpọ̀, fóòtì orí kápásítọ̀ á máa já sísàlẹ̀ 7 láàárín góńgó kan sí èkejì, rédíò á sì máa kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìlà ni a tọ̀ bó ṣe tọ́.